Èébì inú ọkọ̀: etí ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe inú

Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Iléṣà, tó dorí kọ Àkúrẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fún náílọ́nù. Láti Èkó títí dé Ìbàdàn, ara wọn le. Wọ́n ń ṣeré, wọ́n ń wo fọ́nù. Àmọ́ tí ọkọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀, tó ń yí kọ́nà lọ́tùn-ún lósì, ọmọ á dákẹ́ lójijì, itọ́ á kún ẹnu rẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí gbogbo ohun tó jẹ láàárọ̀ á fi padà jáde.

Nígbà náà ni ìyá á ní ẹ̀wà tọ́mọ jẹ lánàá ló fà á, bàbá á ní òórùn epo pẹtiróòlù ni, ẹlòmíì nínú ọkọ̀ á ní ọmọ náà ò tíì mọ ọkọ̀ wọ̀ ni. Oúnjẹ àti òórùn lè dá kún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Inú etí ni ọ̀rọ̀ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sì mọ bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lè dí i lọ́wọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra.

Etí ń sọ tiẹ̀, ojú ń sọ tiẹ̀

Lọ́hùn-ún, nínú etí kọ̀ọ̀kan, àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta kan wà tí wọ́n tẹ̀ kọrọdọ, omi sì wà nínú wọn. Tí orí bá yí, omi yẹn á rú, ọpọlọ á sì mọ̀ pé ara ń yí. Ohun mìíràn tún wà nítòsí wọn tó ń sọ fún ọpọlọ tí ara bá ń sáré síwájú, tó ń rọ sẹ́yìn, tàbí tó ń lọ sókè sódò. Àwọn ni kì í jẹ́ kéèyàn ṣubú tó bá ń rìn nínú òkùnkùn.

Wàyí o, ẹ fojú inú wo ọmọ tó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, tó tẹ orí ba fọ́nù. Ojú rẹ̀ ń sọ fún ọpọlọ pé, "A jókòó jẹ́ẹ́, ohun tá à ń wò kò kúrò lójú kan." Etí rẹ̀ ń sọ pé, "Irọ́ ni, à ń yí, à ń sọ̀ kalẹ̀, a tún ti ń dúró." Ọpọlọ ò mọ èyí tí yóò gbà gbọ́. Nínú ìdàrúdàpọ̀ yẹn ni ìrìndọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé ohun tí ọpọlọ ń rò ni pé ara ti jẹ májèlé, ìdí nìyẹn tó fi ń pàṣẹ pé kí inú kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ jáde.

Ẹ̀rí tó fi hàn pé etí ni olórí ọ̀ràn náà ni pé àwọn tí ohun tó ń jẹ́ kí ara dúró déédéé yìí ti bàjẹ́ pátápátá nínú etí wọn méjèèjì kì í bì nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n afọ́jú lè bì. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé kéèyàn di ojú máa ń dín in kù, àmọ́ kì í fi gbogbo ìgbà mú un kúrò.

Awakọ̀ kì í sábà bì. Òun ló di síárìn mú, ó ti mọ ìgbà tóun fẹ́ yí kọ́nà àti ìgbà tóun fẹ́ tẹ bíréèkì, ọpọlọ rẹ̀ sì ti múra sílẹ̀. Èrò ẹ̀yìn ni nǹkan ń bá lójijì.

Kì í sì í ṣe gbogbo ìmì ọkọ̀ ló ń fa èébì bákan náà. Kòtò àti gálọ́ọ̀pù tó ń gbo èèyàn jìgìjìgì ń dunni lẹ́yìn, àmọ́ èyí tó ń fa èébì jù ni ìmì tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ bíi ti ọkọ̀ ojú omi, tó jẹ́ pé bíi ìṣẹ́jú àáyá 5 ló fi ń lọ tó fi ń bọ̀. Ohun tí kọ́nà orí òkè máa ń ṣe nìyẹn. Ohun tí awakọ̀ tó ń sáré, tó ń tẹ bíréèkì, tó tún ń sáré nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ náà ń ṣe nìyẹn.

Àwọn wo ló ń ṣe jù?

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 kì í sábà bì nítorí ìrìn ọkọ̀. Láti nǹkan bí ọdún 6 sí 12 ló máa ń le jù, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Láàárín àwọn àgbàlagbà, ó ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ, pàápàá aláboyún. Àwọn tí ẹ̀fọ́rí túúlu máa ń dà láàmú náà wà lára àwọn tó ń ṣe jù.

Àgbàlagbà á sọ pé ẹ̀dọ̀ ń rin òun. Ọmọ kékeré ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Yóò ní inú ń dun òun, tàbí kó kàn máa sunkún láìnídìí. Nítorí náà, ẹ máa wo àmì. Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ á dákẹ́. Yóò máa yán, yóò máa gùfẹ̀, yóò máa gbé itọ́ mì léraléra. Ètè rẹ̀ á funfun, òógùn tútù á bo iwájú orí rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rí méjì nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí, ẹ ò ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kí èébì tó dé. Àsìkò yẹn gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ ṣe nǹkan.

Ibi téèyàn jókòó sí àti ohun tó ń wò

Tó bá jẹ́ pé àríyànjiyàn ojú àti etí ló ń fa wàhálà yìí, ohun àkọ́kọ́ ni kí ojú máa rí ohun tí etí ń gbọ́. Kéèyàn máa wo iwájú, kó máa wo ọ̀nà tó jìnnà réré, níbi tí ọ̀run àti ilẹ̀ ti pàdé. Kó má ṣe máa wo igi àti ilé tó ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìyẹn tún ń dá kún òòyì ni. Ìwé kíkà àti fọ́nù wíwò ló burú jù.

Nínú bọ́ọ̀sì elérò 18, iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ló dára jù fún àgbàlagbà tó máa ń bì. Ìlà tó tẹ̀ lé awakọ̀ ló ṣìkejì. Ìjókòó ìparí lẹ́yìn ni kó sá fún, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń fì jù. Tí ìjókòó kan bá sì dojú kọ ẹ̀yìn, kó má ṣe jókòó síbẹ̀.

Ti ọmọdé yàtọ̀ o. Ẹ má torí èébì gbé ọmọ kékeré síwájú ọkọ̀. Tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, ewu ibẹ̀ pọ̀ ju ti èébì lọ. Àárín ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tó ti lè máa rí ọ̀nà gba gíláàsì iwájú, ló yẹ ọmọ tó ti tó bẹ́líìtì dè, tí bẹ́líìtì bá wà níbẹ̀. Èyí tó ṣì wà nínú ìjókòó ọmọdé, ẹ jẹ́ kó wà nínú rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Orí náà tún ṣe pàtàkì. Bí orí bá ṣe ń mì tó ni omi inú etí ṣe ń rú tó. Kéèyàn fi orí ti ìjókòó, kó má máa bẹ̀rẹ̀ wá nǹkan nínú báàgì. Ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i lójú. Tí oorun bá sì gbé ọmọ lọ, ẹ jẹ́ kó sùn.

Kí ni kéèyàn jẹ?

Àwọn kan máa ń fi ebi pa ọmọ mọ́jú kó má baà bì. Kò dára bẹ́ẹ̀. Inú tó ṣófo pátápátá náà máa ń ru. Oúnjẹ fúyẹ́fúyẹ́ ló yẹ, bíi wákàtí kan sí méjì kí ọkọ̀ tó gbéra: búrẹ́dì, bísíkíìtì tí kò dùn jù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, tàbí ẹ̀kọ mímu díẹ̀. Àkàrà tí epo ń kán tótó lára rẹ̀, iyán, ẹ̀bà ọlọ́bẹ̀ àti ọtí, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ dìgbà tẹ́ ẹ bá débẹ̀. Tó bá kan omi, díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa mu ún.

Àwọn èèyàn wa fẹ́ràn láti máa gbóòórùn ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí kí wọ́n máa jẹ atalẹ̀. Òórùn ọsàn lè borí òórùn epo tó ń mú inú ru, ara á sì tu ẹlòmíì díẹ̀. Ní ti atalẹ̀, ìwádìí kan sọ pé ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́, òmíràn sọ pé kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó bá ń ṣe lóore lè máa lò ó. Ṣùgbọ́n kó má torí ìyẹn gbé fọ́nù sójú.

Oògùn: kó tó bẹ̀rẹ̀ ni

Oògùn tó wọ́pọ̀ jù ní kẹ́míìsì wa fún èébì ọkọ̀ ni purométásìnì, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Àfómíìnì. Àṣìṣe tó pọ̀ jù ni pé ìgbà tọ́mọ bá ti ń bì ni wọ́n ń wá a. Tí ìrìndọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, inú kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Oògùn tí wọ́n gbé mì á kàn dúró síbẹ̀, kò ní wọ ẹ̀jẹ̀ kíákíá, àbí kó tiẹ̀ bá èébì jáde.

Fún ìrìnàjò tó gùn, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ń lo Àfómíìnì. Fún èyí tí kò gùn, wákàtí kan sí méjì kí ọkọ̀ tó gbéra. Àgbàlagbà àti ọmọ tó ti lé lọ́dún 10 ń lo hóró kan tó jẹ́ mílígíráàmù 25. Ọmọ ọdún 5 sí 10 ń lo ààbọ̀ hóró. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, ẹ má fún un láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí pé oríṣiríṣi purométásìnì ló wà, ìwọ̀n wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí, kẹ́ ẹ sì bi apoògùn léèrè.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 kò gbọdọ̀ fẹnu kan purométásìnì rárá. Ó lè dá èémí ọmọ náà dúró. Láti ọdún 2004 ni àjọ tó ń mójú tó oògùn lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó le jù lọ nípa èyí sára rẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ kan ti kú. Ẹ má sì ṣe fún ọmọ èyíkéyìí nítorí kó lè sùn, kó má da ọkọ̀ láàmú.

Oògùn yìí ń kun èèyàn lóorun, oorun náà sì lè wà lára rẹ̀ dọjọ́ kejì. Nítorí náà, awakọ̀ ò gbọdọ̀ lò ó. Ẹni tó lò ó ò gbọdọ̀ mu ọtí, kò sì gbọdọ̀ fi oògùn ọ̀fìnkìn tó ń múni sùn, bíi Píríítọ̀n, kún un. Ẹni tó ní àìsàn gíláúkómà, bàbá tí ìtọ̀ kì í dá lára rẹ̀ geere, àti aláboyún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà tàbí apoògùn.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la ó dárúkọ mẹtokilopírámáìdì, èyí tí wọ́n ń tà fún èébì gbogbo ní kẹ́míìsì. Kì í ṣiṣẹ́ fún èébì ọkọ̀. Ó sì lè mú kí ọrùn àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé le gbagidi. Kì í ṣe gbogbo oògùn èébì ni oògùn èébì ọkọ̀.

Ká mú ìdílé kan láti Èkó lọ sí Àkúrẹ́

Ká ní ìdílé kan fẹ́ gbé ọkọ̀ tiwọn láti Èkó lọ síbi ìnáwó kan ní Àkúrẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Bàbá ló fẹ́ wakọ̀. Ìyá wà níbẹ̀, ọmọbìnrin ọdún 8 tó bì lẹ́ẹ̀mẹta ní Kérésì tó kọjá wà níbẹ̀, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ oṣù 14 náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú màmá àgbà tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ìyá lọ bá apoògùn. Ó sọ ọjọ́ orí ọmọ àti oògùn tí màmá ń lò. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ ọdún 8 lo ààbọ̀ hóró Àfómíìnì kó tó sùn. Ọmọ oṣù 14 ò lo nǹkan kan. Bàbá ò lò ó, torí òun ló fẹ́ di síárìn mú. Màmá náà ò lò ó, nítorí apoògùn ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ pẹ̀lú èyí lè jẹ́ kí òòyì kọ́ ọ tó bá dìde lójijì. Ìjókòó iwájú ni wọ́n fún un.

Wọ́n jí laago 5, wọ́n jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀kọ díẹ̀, ọkọ̀ gbéra laago 6 ààbọ̀ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 8 wà láàárín lẹ́yìn, ó de bẹ́líìtì, wọ́n gba fọ́nù lọ́wọ́ rẹ̀. Dípò rẹ̀, wọ́n ń pa àlọ́, wọ́n sì ń ka iye ọkọ̀ àjàgbé tó wà níwájú. Eré yẹn ò ṣàdédé wáyé o, ó ń mú kójú rẹ̀ wà lọ́nà.

Wọ́n dúró n'Íbàdàn, wọ́n tún dúró n'Ífẹ̀, ìṣẹ́jú 10 sí 15 nígbà kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n rìn. Kí wọ́n tó kúrò n'Íléṣà, bàbá ti mọ̀ pé apá ibi tó le ló kù. Láti ibẹ̀ gba Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà lọ sí Ìgbàrà-Òkè, ó dín eré kù. Ó ń tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ kó tó dé kọ́nà, kì í ṣe nínú kọ́nà. Ibẹ̀ lọ́mọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yán, ó sì dákẹ́. Ìyá ní kó fi orí ti ìjókòó, kó di ojú, kó máa mí sínú mí síta díẹ̀díẹ̀. Bàbá wá ibi tí kò léwu, ó dúró. Ọmọ sọ̀ kalẹ̀, ó wo òkè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, atẹ́gùn fẹ́ sí i. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ètè rẹ̀ ti padà sí bó ṣe wà. Wọ́n tẹ̀ síwájú. Àmì tí ìyá tètè rí ni kò jẹ́ kó di èébì.

Tí èébì bá ti dé ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kó bì. Ẹ má ṣe fún un lẹ́nu pa. Ẹ jẹ́ kó tẹ̀ síwájú. Tó bá jẹ́ ọmọ tó ń sùn, ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí èébì má baà há a lọ́nà ọ̀fun. Àgbàlagbà ni kó di náílọ́nù mú. Ẹ má fi náílọ́nù sílẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ kékeré, ó lè fi bo orí kó má lè mí. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ yọ orí síta fèrèsé nígbà tí ọkọ̀ ń lọ.

Lẹ́yìn èébì, kó fi omi yọ ẹnu, kó sinmi bí ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un lómi, ṣíbí kékeré kan lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Tó bá mu kọ́ọ̀pù kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ṣeé ṣe kó tún bì. Tó bá ti bì lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, omi iyọ̀ àti ṣúgà ló yẹ. Ẹ po èyí tó wà nínú sáṣẹ́ẹ̀tì bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Tí kò bá sí, lítà kan omi tó mọ́, ṣíbí tíì 6 ṣúgà tí kò gaga, àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ má fi iyọ̀ kún un ju bẹ́ẹ̀ lọ, iyọ̀ àpọ̀jù léwu fọ́mọ.

Ìgbà tí kì í ṣe ti ọkọ̀

Èébì ọkọ̀ máa ń rọlẹ̀ bí èèyàn bá ti sọ̀ kalẹ̀, ó pẹ́ tán láàárín wákàtí díẹ̀. Tó bá wá ń bá a lọ, tí ara ọmọ gbóná, tí ọrùn rẹ̀ le, tí èébì ní ẹ̀jẹ̀ tàbí ó dúdú aláwọ̀ ewé, tàbí tí kò tọ̀ fún wákàtí púpọ̀, ẹ má sọ pé ọkọ̀ ni. Ibà tàbí àrùn mìíràn lè wà níbẹ̀. Bákan náà, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 tó ń bì nínú ọkọ̀, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, nítorí ìrìn ọkọ̀ kì í sábà ṣe irú wọn.

Èyí tó kù ló léwu jù, àwọn èèyàn kì í sì í fiyè sí i. Tó bá jẹ́ pé ọmọ kan nìkan ló ń bì, ó lè jẹ́ ìrìn ọkọ̀. Àmọ́ tí ẹ̀fọ́rí, òòyì àti ìrìndọ̀ bá ń ṣe èèyàn méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan awakọ̀ tí kì í bì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé sàlẹ́ńsà ọkọ̀ ti jò, gáàsì olóró tí kò lóòórùn sì ti ń wọlé sí yín lára. Ẹ má ṣe máa wá Àfómíìnì nígbà yẹn. Ẹ ṣí gbogbo fèrèsé, ẹ dúró síbi tí kò léwu, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí gbogbo yín bọ́ sílẹ̀ síbi tí atẹ́gùn wà, kẹ́ ẹ sì wá ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín jù. Ọkọ̀ náà ò gbọdọ̀ gbé èèyàn mọ́ títí mẹkáníìkì á fi yẹ sàlẹ́ńsà rẹ̀ wò.